Àgbò, Oṣù àti Àtẹ́lẹwọ́: Èmójì Ọdún Nínú Gúrúùpù Ẹbí Ẹlẹ́sìn Púpọ̀

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń dá aáwọ̀ kéékèèké sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹbí wa, ìyẹn àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní èmójì, tí a máa ń so mọ́ ìkíni ọdún nínú gúrúùpù Wáàsáàpù ẹbí. N kò lè mú gbogbo ọdún tó wà lábẹ́ ọ̀run lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún Iléyá ni màá dúró lé lórí jù, nítorí òun ni mo ti rí i pé àwọn ọmọ tí kì í ṣe Mùsùlùmí máa ń fẹ́ ṣe dáadáa, tí wọn kì í sì í mọ bí wọn yóò ṣe ṣe é. Láti ibẹ̀ màá yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn oníṣẹ̀ṣe.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀sìn inú ẹbí kan kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Ọmọ ìyá méjì á wà, ọ̀kan á máa lọ sí Yídì, èkejì á máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn á sì máa dá Ifá. Kí fóònù tó dé, ẹnu ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ọmọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún,” àgbà á ní, “Àṣèyí-ṣàmọ́dún,” wọ́n á sì gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kankan nínú “ẹ kú ọdún.” Onígbàgbọ́ lè fi kí Mùsùlùmí, Mùsùlùmí lè fi kí Babaláwo, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé ó ti yí ẹ̀sìn padà ni. Ohun tí èmójì mú wọlé nìyí: ó fi àmì ẹ̀sìn gan-an sínú ìkíni tí kò ní in tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá kọ “ẹ kú ọdún,” tó wá fi ✝️ tàbí 🕋 tì í, ti sọ ju ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ lọ.

Nítorí náà, kí n tó tẹ èmójì kankan, mo máa ń bi ara mi pé irú èwo ni. Àwọn kan jẹ́ àmì ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀: ✝️ ti àgbélébùú, ☪️ ti oṣù òun ìràwọ̀, 🕋 ti Káábà tó wà ní Mẹ́kà, 📿 tí à ń pè ní tẹ̀sùbáà. Àwọn kan jẹ́ nǹkan ọdún: 🐏 ní Iléyá, 🌙 ní Ìtunu Ààwẹ̀, 🎄 ní Kérésìmesì. Àwọn yòókù sì jẹ́ ti ayọ̀ tàbí ti àdúrà tí ẹ̀sìn kan kò lè dá sọ pé òun ló ni ín, bíi 🎉, 🌸 àti ❤️. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé àmì ìgbàgbọ́ jẹ́ ti ẹni tó gba ẹ̀sìn náà gbọ́. Ẹni tó wà lóde ẹ̀sìn kan, nǹkan ọdún àti nǹkan ayọ̀ ni kó fi kí àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bí Àlàájì fúnra rẹ̀ bá fi 🕋 ránṣẹ́, ohun ìní rẹ̀ ló gbé síta. Bí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì bá fi ránṣẹ́, àwọn kan á yọ̀, àwọn kan á sì rò pé ó ń fi ilé Ọlọ́run ṣe ọ̀ṣọ́ lásán.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àpẹẹrẹ kan kí a tú u palẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló wà ní Lọ́ńdọ̀nù, onígbàgbọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Àlàájì, wà ní Ìbàdàn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Iléyá, ọmọ náà jí, ó sì kọ èyí sínú gúrúùpù ẹbí:

“Ẹ kú ọdún Iléyá o, ẹ̀yin ẹbí mi! ☪️🕋✝️🙏🛐🐐🔪😋🥂”

Ìfẹ́ ló fi kọ ọ́, ó sì hàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn àmì náà bí Bàbá Àlàájì yóò ṣe wò wọ́n.

☪️ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, nítorí wọ́n gbà pé òun ni àgbélébùú àwọn Mùsùlùmí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbélébùú ti inú ìgbàgbọ́ wá, ṣùgbọ́n oṣù òun ìràwọ̀ kò sí nínú Àlùkùráánì gẹ́gẹ́ bí àmì ẹ̀sìn. Ara àsíá ìjọba Ọ́tómáànù tó wà ní Tọ́kì ló ti gbilẹ̀ kárí ayé. A máa ń rí i lórí ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí nílẹ̀ wa, àwọn tó sì fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣe àìdáa, àmọ́ àwọn àfáà kan wà tí wọ́n máa ń sọ láti orí mínbárì pé kì í ṣe àmì Ìsìláàmù. Onígbàgbọ́ tó bá fi í kí Mùsùlùmí ti ki ẹsẹ̀ bọ inú àríyànjiyàn tí kò kàn án.

🕋 tí ó tẹ̀ lé e wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káábà ni gbogbo Mùsùlùmí ń kọjú sí bí wọ́n bá ń kírun. Yúníkóòdù, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu èmójì tó máa wọ orí fóònù gbogbo ayé, fi í kún àwọn èmójì ní ọdún 2015, pẹ̀lú 🕌 mọ́ṣáláṣí àti 📿. Ohun tó máa dun Bàbá Àlàájì jù ni ibi tí wọ́n gbé e sí: ó wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ewúrẹ́, ọ̀bẹ àti ife ọtí. ✝️ tó tún wá lẹ́yìn rẹ̀ dà bí ìgbà tí ọmọ náà ń sọ pé ọdún yín ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé tèmi. Kò rò ó bẹ́ẹ̀ o. Bí ó ṣe hàn lójú fóònù nìyẹn.

🙏 kò ní ẹ̀ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jàpáànì tó pilẹ̀ rẹ̀ máa ń fi í tọrọ nǹkan tàbí kí wọ́n fi í dúpẹ́. Ní tiwa, ó ti di “ẹ jọ̀ọ́,” ó ti di “ẹ ṣé,” ó sì ti di “Àmín.” Láti ọdún 2022 tí Wáàsáàpù ti jẹ́ kí a lè fi èmójì dáhùn sí ọ̀rọ̀ láìkọ nǹkan kan, 🙏 wà nínú mẹ́fà àkọ́kọ́ tí wọ́n tò síbẹ̀, èyí ló jẹ́ kí Mùsùlùmí pàápàá máa tẹ̀ ẹ́ láìbìkítà. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ṣe àdúrà fún Mùsùlùmí, ọwọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé sókè ni àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ṣí sílẹ̀, ìyẹn 🤲. Ọdún 2017 ni èyí wọlé. Bí fóònù àgbà kan bá ti gbó jù, àpótí òfìfo ni yóò rí dípò ọwọ́, nítorí náà ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àdúrà náà wà níbẹ̀ ní kíkọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí 🛐, nítorí mo mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Ọmọ náà rí ènìyàn tó kúnlẹ̀, ó ní òun ń kúnlẹ̀ kí bàbá òun. Àmì ibi ìjọ́sìn nìyẹn, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń sin Ọlọ́run ni. Fífi í ránṣẹ́ sí ènìyàn ẹlẹ́ran ara jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, tó kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ga jù lọ kí ènìyàn fún ẹ̀dá ní ìjọ́sìn tó tọ́ sí Ẹlẹ́dàá. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń lo 🙇, èyí tí àwọn ará Jàpáànì fi ń tẹríba tàbí tọrọ àforíjì. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn rárá, nítorí ó jọ ìforíkanlẹ̀ inú ìrun lójú wọn. Bí bàbá yín bá jẹ́ irú wọn, ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èmójì ìdọ̀bálẹ̀ kò sí. Ẹ kọ ọ́: “Mo dọ̀bálẹ̀, sà” tàbí “Mo kúnlẹ̀, sà.” Ó dùn ún gbọ́, kò sì ní ìtumọ̀ méjì.

Ẹranko ló kù. Ewúrẹ́, àgbò, màlúù àti ràkúnmí ni wọ́n lè fi ṣe Iléyá, nítorí náà 🐐 kì í ṣe èèwọ̀. Síbẹ̀, àgbò ni ìtàn Ànábì Ìbúráhíìmù dá lé, àgbò náà sì ni ohun tí à ń so mẹ́nu ọ̀nà nílẹ̀ Yorùbá bí Iléyá bá ń bọ̀. 🐏 tó ní ìwo ló bá ọdún mu jù. Bí ó bá ṣòro fún yín láti mọ ìyàtọ̀ wọn, ẹ má yára tẹ ohun tí ẹ kò rí dáadáa, nítorí lórí kíbọ́ọ̀dù, 🐖 kò jìnnà sí àgbò.

🔪 ni ti ọ̀bẹ, àkókò sì ni ìṣòro rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Yídì ni wọ́n ń pa ẹran. Èyí tí wọ́n bá pa ṣáájú ìrun, ẹran jíjẹ lásán ni, kì í ṣe ẹran Iléyá. Ẹni tó bá wá fi ọ̀bẹ ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí bàbá ń wẹ̀, tó ń wọ aṣọ láti lọ kírun, ti gbé oúnjẹ ṣáájú ìjọsìn. 😋 náà sọ ohun kan náà. Mo mọ̀ pé “Ẹran mi dà?” jẹ́ àwàdà tó dùn láàárín ẹgbẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí pé ara sunnah ni kí wọ́n pín lára ẹran náà fún ẹbí, aládùúgbò àti aláìní. Ẹ jẹ́ kí ìkíni kọ́kọ́ dé, kí ìrun parí, kí ẹ tó béèrè ẹran. Sítíkà àgbò tó ń sunkún tí àwọn ọmọ máa ń pín kiri nígbà náà, ẹ fi í sílẹ̀ nínú gúrúùpù ọ̀rẹ́. Lójú Bàbá Àlàájì, ìjọsìn ni pípa àgbò náà, kì í ṣe ìyà tí à ń fi jẹ ẹranko.

🥂 kò nílò àlàyé. Ife ọtí ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí ọmọ náà ì bá kọ rèé:

“Bàbá, mo kúnlẹ̀, sà. Ẹ kú ọdún Iléyá, ẹ kú ìyèdún. Kí Ọlọ́run gba ìjọsìn yín. Àṣèyí-ṣàmọ́dún. 🤲🐏”

Èmójì méjì péré. “Kí Ọlọ́run gba ìjọsìn yín” sún mọ́ ohun tí àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ń sọ fún ara wọn lọ́jọ́ ọdún, onígbàgbọ́ sì lè sọ ọ́ láìtẹ ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lójú. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú kí èmójì mọ níwọ̀n. Àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ máa ń jẹ́ kí fóònù ka ọ̀rọ̀ sí wọn létí. Orúkọ èmójì kọ̀ọ̀kan ni fóònù máa ń pè. Bí ẹ bá to mẹ́sàn-án, ó máa pe orúkọ mẹ́sàn-án, ọ̀bẹ ìdáná sì máa wà nínú wọn.

Ẹ kò rí 🌙 nínú ìkíni yẹn. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni Iléyá máa ń bọ́ sí, wọ́n ti rí oṣù náà tipẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ àti Ìtunu Ààwẹ̀ ni oṣù tuntun ń ṣí. Ibẹ̀ gan-an sì ni 🌙 ti lè dá wàhálà sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, gbogbo ilé ń dúró de ìkéde Sultan Sókótó: bí wọ́n bá rí oṣù, ọ̀la ni ọdún, bí wọn kò bá rí i, ààwẹ̀ ku ọjọ́ kan. Bí ẹnì kan bá fi 🌙🎉 sínú gúrúùpù lálẹ́ yẹn láìkọ ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé inú òun ń dùn, ṣùgbọ́n ìyá tó wà nílé lè kà á pé wọ́n ti rí oṣù, kó má jí dáná sààrì mọ́. Bí a bá ń retí oṣù, ẹ fi 🌙 sílẹ̀ títí ìkéde yóò fi wáyé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ní lọ́kàn. Ọmọ tó wà lókè òkun tilẹ̀ lè ṣe ọdún ní ọjọ́ tó yàtọ̀ sí ti ilé, torí pé àwọn mọ́ṣáláṣí kan níbẹ̀ ń tẹ̀ lé ìkéde Saudí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ààwẹ̀ Ràmàdáánì àti ààwẹ̀ Lẹ́ńtì jọ rìn pọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ karùn-ún ni Ọjọ́rú Eérú. Lójú mi, irú àkókò yẹn ni kí gbogbo ẹbí dín 🍛 àti 🍗 kù lọ́sàn-án, nítorí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ebi ń pa.

Àwọn onígbàgbọ́ náà ní tiwọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ ni pé wọ́n ń fi 🎉 kí ènìyàn ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Wọ́n rí “ìsinmi ọdún Àjíǹde” lórí kàlẹ́ńdà, wọ́n rò pé ọjọ́ mẹ́rin náà dọ́gba. Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni onígbàgbọ́ ń rántí ikú Jésù. Ọ̀pọ̀ ń gbààwẹ̀, àwọn mìíràn ń wọ aṣọ dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọn lọ́jọ́ yẹn, kó má fi èmójì kankan sí i, tàbí kó fi 🕊️ nìkan. Ìkíni ayọ̀ di àárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí 🎉 àti 🌅 bá ti bọ́ sí àyè wọn. 🐣 àti 🐰 tí fóònù ń gbé jáde lọ́jọ́ yẹn jẹ́ àṣà àwọn òyìnbó ní ìgbà ìrúwé. Kò burú, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ìyá tó ń múra láti lọ sí Gálílì ní Mọ́ńdè Àjíǹde.

Ní Kérésìmesì, àwọn Mùsùlùmí kan kì í fẹ́ fi 🎄 tàbí 👼 ránṣẹ́, nítorí wọ́n rò pé ó dà bí ìgbà tí àwọn fọwọ́ sí i pé Ọlọ́run bímọ. Ẹ má bínú sí wọn. “Ẹ kú ọdún, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé ❤️” tó, ó sì tún kún. Bí ẹ bá sì ní Ẹlẹ́rìí Jèhófà nínú ẹbí, wọn kì í ṣe Kérésìmesì, wọn kì í sì í lo àgbélébùú. Ẹ kí gbogbo gúrúùpù, ẹ má dárúkọ wọn sọ́tọ̀.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe ló ń jìyà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí a gbọ́ ọ. Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó sì ti ń ya ìsinmi sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí èmójì òrìṣà kankan, kò sí ti ọ̀pẹ̀lẹ̀, kò sí ti obì. Nítorí àìsí wọn, àwọn ọmọ máa ń wá ohun tó jọ ọ́. Wọ́n á fi 👹 tàbí 👺 kí bàbá wọn lọ́jọ́ ọdún Egúngún. Iwin burúkú inú ìtàn àwọn ará Jàpáànì ni èkíní, ẹ̀mí àjèjì orí òkè ibẹ̀ tó ní imú gígùn ni èkejì. Àwọn baba ńlá wa tí à ń pè ní ará ọ̀run kọ́ nìyẹn. 👻 àti 💀 náà kò dára jù wọ́n lọ. Bákan náà, bí ó bá jẹ́ ọdún Ògún, 🐕 pẹ̀lú 🔪 sọ ìjọsìn di ohun ìyanu lójú àwọn tó kù.

Àwọ̀ ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti lò. 🤍 bá Ọbàtálá mu, nítorí funfun ni aṣọ rẹ̀. 💛 bá Ọ̀ṣun mu, ❤️🤍 bá Ṣàngó mu. 🪘, ìlù gígùn tó wọlé ní ọdún 2020, lè wà pẹ̀lú èyíkéyìí nínú wọn, bí fóònù bá lè gbé e jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún,” ìkíni kan náà tí ẹ kọ fún Àlàájì àti fún ìyá ìjọ.

Bí àmì tí kò yẹ bá ti lọ, ẹ óò mọ̀ láti ara ìdáhùn. Àgbà tó máa ń kọ àdúrà gígùn á kọ “Àmín” lásán, tàbí kó dákẹ́ síbẹ̀, kó wá dá àwọn yòókù lóhùn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Wáàsáàpù máa ń jẹ́ kí a tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Ẹ yọ àmì náà kúrò, kí ẹ fi ìkíni náà sílẹ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lè pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn fún ohun tó lé díẹ̀ ní ọjọ́ méjì, àmọ́ àkọlé kan máa wà níbẹ̀ tó ń sọ pé a pa nǹkan rẹ́, ìyẹn sì máa ń mú kí àwọn èèyàn béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ fi ìkíni tuntun síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì pe àgbà náà lórí fóònù kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ẹ má ṣe àlàyé èmójì fún un nínú gúrúùpù lójú gbogbo ẹbí, nítorí ẹni tí kò rí i tẹ́lẹ̀ yóò rí i nígbà náà.